Bí a ṣe ń mú kí Google rí ìkànnì tuntun: àkọlé, àpèjúwe àti yíyára ojú-ewé

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tí wọ́n ń ta àdìrẹ ní Abẹ́òkúta pè mí ní ọjọ́ kan pé àwọn ti sanwó ìkànnì, àwọn sì ti gbé fọ́tò ọjà sí i, ṣùgbọ́n bí àwọn bá tẹ “àdìrẹ Ìbàdàndùn” sínú Google, ọjà ẹlòmíràn ni ó máa ń jáde. Ìbàdàndùn ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n máa ń ya òpó Gbọ̀ngàn Mápó sí, òun sì ni àwọn oníbàárà wọn ń béèrè jù. Mo bá wọn jókòó ti ìkànnì náà ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin, bí a sì ṣe tò ó ni mo kọ sílẹ̀ níhìn-ín fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìkànnì kékeré tí kò tíì pẹ́. WordPress ni wọ́n fi kọ́ ìkànnì náà, ìdí nìyẹn tí àwọn orúkọ tí mo dá fi jẹ́ ti WordPress, ṣùgbọ́n ohun tí a ń wá kò yàtọ̀ bí ó bá jẹ́ ètò mìíràn ni ẹ ń lò. “Orúkọ Ṣọ́ọ̀bù” ni n ó máa kọ dípò orúkọ wọn gan-an, n ó sì lo `example.com` dípò àdírẹ́sì ìkànnì wọn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ rí i dájú pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀

Kí ẹ tó fọwọ́ kan àkọlé kankan, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá Google ti ka ìkànnì yín tàbí kò tíì kà á. Ẹ ṣí Google, kí ẹ sì tẹ èyí sínú rẹ̀, kí ẹ fi àdírẹ́sì yín rọ́pò èyí tí mo kọ, láìfi àlàfo sílẹ̀ lẹ́yìn àmì `:` náà:

```
site:example.com
```

Bí ojú-ewé yín bá jáde, Google mọ̀ yín. Bí kò bá sí ohunkóhun, ó lè jẹ́ pé kò tíì dé ọ̀dọ̀ yín, nítorí ìkànnì tuntun lè lo ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ó tó wọ àkójọ rẹ̀. Ó sì tún lè jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ní kí ó má wọlé. Ìkejì yìí ni ó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tí ó bá wọn kọ́ ìkànnì náà ti ti ilẹ̀kùn nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, kí ayé má baà rí ohun tí kò tíì parí, èyí tí ó dára, ṣùgbọ́n kò rántí ṣí i mọ́ nígbà tí ó gbé iṣẹ́ fún wọn. Nínú WordPress, ẹ lọ sí `Settings`, kí ẹ tẹ `Reading`, kí ẹ sì wo ibi tí wọ́n kọ `Discourage search engines from indexing this site` sí. Bí wọ́n bá ti fa ààmì sí àpótí rẹ̀, ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì tẹ `Save Changes`. Ẹni tí kò bá lo WordPress lè ṣí kóòdù ojú-ewé rẹ̀ nínú búráúsà, nípa títẹ `Ctrl` àti `U` pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kí ó sì wá ìlà yìí:

```html
<meta name='robots' content='noindex, nofollow' />
```

Bí `noindex` bá wà níbẹ̀, kò sí àkọlé tí ẹ kọ tí yóò ṣe yín láǹfààní, àfi kí ẹ yọ ọ́ kúrò.

Lẹ́yìn náà, ẹ forúkọ ìkànnì sílẹ̀ ní Google Search Console, tí kì í gba owó. Àpótí kan wà lókè rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní `URL Inspection`. Ẹ lẹ àdírẹ́sì ojú-ewé kan mọ́ ibẹ̀, yóò sì sọ fún yín bóyá ojú-ewé náà wà nínú àkójọ Google, àti ìdí rẹ̀ bí kò bá sí níbẹ̀. Ẹ tún lọ sí `Sitemaps`, kí ẹ fún un ní ìwé tí ó to gbogbo ojú-ewé yín lẹ́sẹẹsẹ. WordPress máa ń ṣe é fúnra rẹ̀ láti ọdún 2020, `wp-sitemap.xml` sì ni orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá ti fi àfikún ètò tí wọ́n ń pè ní Yoast SEO kún un, `sitemap_index.xml` ni ẹ óò lò. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, n kò sì ní dúró pẹ́ lórí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: àkọlé ojú-ewé kọ̀ọ̀kan

Àkọlé tí mò ń sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ gàdàgbà tí olùkà ń rí lókè ojú-ewé. Òun ni ìlà kan ṣoṣo tí ó wà nínú kóòdù láàárín `<title>` àti `</title>`, tí ó máa ń hàn lórí etí búráúsà, tí Google sì sábà máa ń kọ bí ìlà àkọ́kọ́ tí ènìyàn yóò tẹ̀ nínú èsì. Google ń lò ó láti mọ ohun tí ojú-ewé náà dá lé lórí, oníbàárà sì ń lò ó láti pinnu bóyá òun yóò wọlé.

Ìkànnì ẹ̀gbọ́n mi ní ojú-ewé 22. Àkọlé ojú-ewé àkọ́kọ́ ni “Home – Orúkọ Ṣọ́ọ̀bù”, ti àwọn ọjà sì ń jẹ́ “Product 1 – Orúkọ Ṣọ́ọ̀bù”, “Product 2 – Orúkọ Ṣọ́ọ̀bù”, bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ títí dé òpin. Ẹni tí kò bá mọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà tẹ́lẹ̀ kò lè rí wọn, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú àkọlé wọn tí oníbàárà yóò tẹ̀.

Ibi tí a ti rí ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a lò kò jìnnà. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi ṣí WhatsApp wọn, kí wọ́n sì ka ìbéèrè àkọ́kọ́ tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan fi ránṣẹ́ láàárín oṣù kan fún mi, èmi náà sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. “Ẹ kú iṣẹ́ mà, ṣé ẹ ní Ìbàdàndùn?” “Ẹ jọ̀ọ́, èló ni yáàdì márùn-ún?” “Mà, ṣé ẹlẹ́kọ ni àbí kàm̀pálà lásán?” “Mo fẹ́ oníko, aláró dúdú.” Nígbà tí a dé ìdajì ojú-ìwé, ó ti hàn gbangba: orúkọ àwòrán ara aṣọ ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá, lẹ́yìn náà irú àdìrẹ tí ó jẹ́, lẹ́yìn náà iye yáàdì àti àwọ̀. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tí ó kọ “aṣọ àjogúnbá tí ó rẹwà”, bẹ́ẹ̀ ohun tí ó kún inú ìkànnì náà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹnu oníbàárà ni kí ẹ gbé sínú àkọlé, ní ọ̀nà tí wọ́n gbà ń sọ ọ́.

Nítorí náà, ojú-ewé tí ó ń jẹ́ “Product 4” di èyí:

```html
<title>Àdìrẹ ẹlẹ́kọ Ìbàdàndùn, yáàdì 5 | Orúkọ Ṣọ́ọ̀bù</title>
```

Ojú-ewé àkọ́kọ́ sì di èyí:

```html
<title>Àdìrẹ ẹlẹ́kọ àti oníko láti Abẹ́òkúta | Orúkọ Ṣọ́ọ̀bù</title>
```

Ẹ wò ó pé ohun tí a ń tà ni ó ṣíwájú, orúkọ ṣọ́ọ̀bù sì gbẹ̀yìn. Ìdí ni pé ojú fóònù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí àkọlé bá gùn jù, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń gé, ó sì sàn kí wọ́n gé orúkọ yín ju kí wọ́n gé ohun tí oníbàárà ń wá lọ. Google kò fi òté lé iye lẹ́tà, fífẹ̀ àkọlé lójú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ni ó ń wò, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi í mọ sí nǹkan bí 50 sí 60 lẹ́tà, ó ṣòro kí wọ́n gé e.

Àwa tí a ń fi àmì sórí Yorùbá ní láti mọ ohun kan nípa kíka lẹ́tà yìí. Lẹ́tà bíi “ẹ́” tàbí “ọ̀” jẹ́ ẹyọ kan lójú ènìyàn, ṣùgbọ́n méjì ni nínú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà tí ó ní ìdí-àmì lábẹ́ dúró lọ́tọ̀, àmì ohùn orí rẹ̀ náà sì dúró lọ́tọ̀. Àkọlé ojú-ewé àkọ́kọ́ tí mo kọ sókè yìí jẹ́ lẹ́tà 49 bí ẹ bá fi ojú kà á pẹ̀lú àlàfo, ẹ̀rọ tí ń ka lẹ́tà sì lè pè é ní 53. Bí àwọ̀ pupa bá jáde nínú Yoast pé àkọlé yín ti gùn jù, ẹ má tìtorí rẹ̀ bọ́ àmì kúrò lórí ọ̀rọ̀. Ẹ wo bí ó ṣe hàn nínú èsì Google gan-an lórí fóònù. Bí ẹ bá sì rí `áº¹` níbi tí ó yẹ kí “ẹ” wà, kóòdù ojú-ewé náà kò sọ irú lẹ́tà tí ó ń lò ni. Ìlà yìí ni ó ń tún un ṣe, ó sì gbọ́dọ̀ wà lókè nínú `<head>`:

```html
<meta charset="utf-8">
```

Ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í fi àmì sí ohun tí wọ́n ń tẹ̀ lórí fóònù. Èrò tèmi ni pé kí àkọlé tí ènìyàn yóò kà ní àmì bí ó ti yẹ, nítorí òun ni ó ń fi hàn pé ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń tà ni ó kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí àdírẹ́sì ojú-ewé wà láìní àmì, bíi `example.com/adire-eleko-ibadandun`. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà yóò wà ní ọ̀nà méjèèjì. Àdírẹ́sì tí ó ní àmì máa ń di ọ̀wọ́ nọ́ńbà àti àmì `%` nígbà tí ẹnì kan bá fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kò sì sí ẹni tí yóò mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àṣìṣe tí mo sábà máa ń rí lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ nípa iṣẹ́ yìí ni pé yóò kó gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó mọ̀ jọ sínú àkọlé kan: “Àdìrẹ, àdìrẹ Abẹ́òkúta, àdìrẹ olówó pọ́ọ́kú, kàm̀pálà, aṣọ àdìrẹ.” Google lè sọ irú àkọlé bẹ́ẹ̀ nù, kí ó sì fúnra rẹ̀ kọ òmíràn. Ó tún máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí àkọlé kan náà bá wà lórí ojú-ewé púpọ̀, tàbí bí àkọlé inú kóòdù bá sọ ohun kan tí ọ̀rọ̀ gàdàgbà orí ojú-ewé sì ń sọ ohun mìíràn. Bí ẹ óò ṣe mọ̀ ni pé ẹ óò wá ojú-ewé yín lórí Google, ẹ óò sì rí i pé ìlà tí ó jáde kì í ṣe èyí tí ẹ kọ. Nígbà náà, ẹ mú kí ọ̀rọ̀ orí ojú-ewé, ìyẹn èyí tí ó wà nínú `<h1>`, bá àkọlé inú kóòdù mu. Kò pọn dandan kí wọ́n jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà délẹ̀. “Àdìrẹ ẹlẹ́kọ Ìbàdàndùn” nìkan tó fún `<h1>`.

Nínú WordPress, bí ẹ bá ti fi Yoast SEO sí i, ìsàlẹ̀ ibi tí ẹ ti ń kọ ojú-ewé ni ẹ óò ti rí `SEO title`, àti `Meta description` tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí báyìí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: àpèjúwe

Àpèjúwe ni ìlà méjì tàbí mẹ́ta tí ó máa ń wà lábẹ́ àkọlé nínú èsì. N óò sọ ọ́ láìfi bò: kì í gbé ojú-ewé yín sókè nínú èsì Google. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí ẹni tí ó ti rí yín tẹ̀ yín. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ fún ènìyàn tí ó fẹ́ rajà, kí ẹ sì dáhùn ohun tí yóò béèrè kí ó tó wọlé. Ti Ìbàdàndùn nìyí:

```html
<meta name="description" content="Àdìrẹ ẹlẹ́kọ Ìbàdàndùn, yáàdì 5, aláró, tí a fi ọwọ́ ya. A ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo ìpínlẹ̀ Nàìjíríà. Wo iye owó rẹ̀, bí ó ṣe fẹ̀ tó àti bí a ṣe ń fọ̀ ọ́.">
```

Ohun tí ó jẹ́ àti iye yáàdì rẹ̀ ni gbólóhùn àkọ́kọ́ sọ, bóyá yóò dé ọ̀dọ̀ oníbàárà ni èkejì sọ, ohun tí yóò rí bí ó bá wọlé ni ẹ̀kẹta sọ. Kò sí òté lórí gígùn àpèjúwe náà, ṣùgbọ́n ohun tí ó bá kọjá nǹkan bí 150 sí 160 lẹ́tà kì í sábà hàn, lórí fóònù sì rèé, ó lè kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi ohun tí ó ṣe pàtàkì jù síwájú.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu bí Google kò bá lo àpèjúwe tí ẹ kọ. Ó sábà máa ń mú gbólóhùn láti inú ojú-ewé gan-an, èyí tí ó bá rí pé ó bá ìbéèrè ẹni náà mu jù. Lórí ojú-ewé ọjà ẹ̀gbọ́n mi, fọ́tò nìkan ni ó wà, kò sí gbólóhùn kan ṣoṣo lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó jáde lábẹ́ àkọlé wọn nínú Google sì ni `Add to cart` àti orúkọ àwọn ojú-ewé yòókù. Oògùn rẹ̀ kì í ṣe kí a tún àpèjúwe náà kọ nìkan. A kọ gbólóhùn mẹ́rin sábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan: irú àdìrẹ tí ó jẹ́, ohun tí àwòrán ara rẹ̀ dúró fún, bí ó ṣe gùn tó àti bí ó ṣe fẹ̀ tó, àti bí a ṣe ń fọ̀ ọ́ tí aró rẹ̀ kò fi ní ṣàn. Ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́, mo sì kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Gbólóhùn àlàyé Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n sọ láìronú jinlẹ̀ ni Google wá ń mú jáde jù lẹ́yìn náà.

Bí ojú-ewé bá pọ̀, tí ẹ kò sì ní àyè láti kọ gbogbo rẹ̀, ẹ kọ ti ojú-ewé àkọ́kọ́ àti ti ọjà márùn-ún tí ó ń tà jù, kí ẹ sì fi ìyókù sílẹ̀ lófo. Àpèjúwe kan náà lórí ojú-ewé 22 burú ju àìsí àpèjúwe lọ, nítorí bí kò bá sí, Google yóò wá gbólóhùn tí ó yẹ fúnra rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ní kí ẹ sanwó kí òun bá yín kún ibi tí wọ́n ń kọ `keywords` sí nínú kóòdù, ẹ má dá a lóhùn. Google ti kéde láti ọdún 2009 pé òun kì í wo ibẹ̀ láti to èsì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kí ojú-ewé tètè ṣí

Ojú-ewé tí ó bá ìbéèrè mu tí ó sì lọ́ra ṣì lè borí ojú-ewé tí ó yára tí kò sì bá ìbéèrè mu, nítorí náà ni mo fi fi yíyára sí ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n Google ń wò ó, oníbàárà sì ń sá fún ìkànnì tí ó bá ń jẹ dátà wọn.

Ẹ lọ sí `pagespeed.web.dev`, kí ẹ lẹ àdírẹ́sì ojú-ewé yín mọ́ ibẹ̀, kí ẹ sì wo abala `Mobile`, kì í ṣe `Desktop`, nítorí ojú-ewé bí ó ṣe rí lórí fóònù ni Google ń kà. Apá òkè èsì náà jẹ́ ohun tí àwọn ènìyàn gidi rí láàárín ọjọ́ 28. Ìkànnì tuntun tí èrò rẹ̀ kò tíì pọ̀ kò ní rí ohunkóhun níbẹ̀, ẹ má sì rò pé nǹkan bàjẹ́. Apá ìsàlẹ̀ jẹ́ ìdánwò tí wọ́n ṣe lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú fóònù tí kò lágbára púpọ̀ àti íńtánẹ́ẹ̀tì tí kò yára. Ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ mú èyí tí ó wà láàárín, nítorí èsì máa ń yàtọ̀ díẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà.

Ohun méjì péré ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. `LCP` ni àkókò tí ó gbà kí ohun tí ó tóbi jù lójú fóònù tó hàn, lọ́pọ̀ ìgbà fọ́tò ni; ó dára bí kò bá ju ìṣẹ́jú-àáyá 2.5 lọ. `CLS` ń sọ bí nǹkan ṣe ń ṣí kúrò lójú ibi tí ó wà nígbà tí ojú-ewé bá ń ṣí, bí ìgbà tí ènìyàn fẹ́ tẹ iye owó tí fọ́tò sì já wọlé, tí ó wá tẹ nǹkan mìíràn. Ó dára bí kò bá ju 0.1 lọ. Ẹ̀kẹta, `INP`, tí ó ń wo bí ojú-ewé ṣe tètè dáhùn nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, kì í sábà yọ ìkànnì kékeré tí kò ní ètò púpọ̀ lẹ́nu.

Fọ́tò mẹ́sàn-án ni ó wà lójú-ewé àkọ́kọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Fóònù ni wọ́n fi yà wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ tó píksẹ́lì 4000. WordPress ti dín wọn kù sí 2560, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣì sún mọ́ mẹ́gábáìtì kan. Àdìrẹ gan-an dá kún un: fọ́tò tí ó kún fún ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ àti àmì wẹ́wẹ́ máa ń wúwo ju fọ́tò ògiri funfun lọ, nítorí kọ̀ǹpútà kò rí ibi tí ó jọra tí yóò ká pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Mẹ́gábáìtì 9 jẹ́ mẹ́gábíìtì 72. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì oníbàárà bá ń gbé mẹ́gábíìtì 2 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìṣẹ́jú-àáyá 36 ni yóò fi dúró kí gbogbo fọ́tò tó wọlé.

Ojú fóònù púpọ̀ kò fẹ̀ ju nǹkan bíi píksẹ́lì 1080 lọ, nítorí náà fọ́tò tí ó fẹ̀ tó 1200 ti tó. Ẹ ṣí `squoosh.app` nínú búráúsà, ẹ ju fọ́tò sínú rẹ̀, ẹ yan `Resize`, kí ẹ kọ 1200 sí `Width`, ẹ yan `WebP`, kí ẹ sì fi `Quality` sí 75. Ẹ gbé ìlà tí ó wà láàárín fọ́tò méjèèjì lọ sí apá ọ̀tún àti apá òsì láti fi wọ́n wéra. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wo etí òpó Mápó inú aṣọ náà dáadáa. Ní 75, kò sí ìyàtọ̀ tí a rí, ṣùgbọ́n nígbà tí a sọ ọ́ di 40, etí ìlà aró bẹ̀rẹ̀ sí í rí jáujàu, wọ́n sì ní àwọn kò ní fi irú rẹ̀ ta aṣọ. Ẹni tí fọ́tò rẹ̀ pọ̀ tí ó sì mọ bí a ti ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà lè ṣe é báyìí:

```
cwebp -q 75 -resize 1200 0 ibadandun.jpg -o ibadandun.webp
```

Fọ́tò kọ̀ọ̀kan bọ́ sí nǹkan bíi kìlóbáìtì 180. Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kan náà, fọ́tò àkọ́kọ́ kò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan kí ó tó wọlé, gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sì gba nǹkan bíi méje.

Ẹ má tíì kúrò nídìí fọ́tò. Fọ́tò tí ó wà lókè pátápátá gbọ́dọ̀ wá kíákíá, àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ sì lè dúró títí olùkà yóò fi sún mọ́ wọn. Ẹ kọ fífẹ̀ àti gíga sí gbogbo wọn, kí búráúsà lè fi àyè sílẹ̀ dè wọ́n. Àìkọ ọ́ ni ó sábà máa ń fa `CLS` tí kò dára.

```html
<img src="ibadandun.webp" width="1200" height="900" fetchpriority="high" alt="Àdìrẹ ẹlẹ́kọ Ìbàdàndùn aláró">
<img src="oniko.webp" width="1200" height="900" loading="lazy" alt="Àdìrẹ oníko aláró">
```

WordPress tí kò gbó ń ṣe èyí fúnra rẹ̀ fún fọ́tò tí a bá gbé sí i ní ọ̀nà tí ó yẹ. Ohun tí ó máa ń dà á rú ni fọ́tò tí ń yí ara wọn padà lókè ojú-ewé, nítorí ètò tí ń yí wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé kí fọ́tò tó hàn. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn tiwọn gan-an, mo sì mọ̀ pé ó ń dùn wọ́n nígbà tí mo ní kí a yọ ọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí a fi fọ́tò Ìbàdàndùn kan ṣoṣo dípò rẹ̀, `LCP` nínú ìdánwò wálẹ̀ láti 11 sí 3.4.

Ohun tí ó kù láàárín 3.4 àti 2.5 kì í ṣe ti fọ́tò mọ́. PageSpeed Insights fi hàn pé sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìkànnì náà ń gbé lórí rẹ̀, ń lo ìṣẹ́jú-àáyá kan ààbọ̀ kí ó tó dáhùn rárá. Ó yẹ kí ó má kọjá 0.8. WordPress máa ń to ojú-ewé jọ lọ́tun ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá bẹ̀ ẹ́ wò, àfi bí a bá ní kí ó tọ́jú ẹ̀dà tí ó ti tò sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti gba àyè ìkànnì náà ní ètò tí ń tọ́jú ẹ̀dà yìí, `Cache` ni wọ́n kọ sí i, ṣùgbọ́n wọn kò tàn án. A tàn án, sáfà sì ń dáhùn ní 0.6. Bí tiyín bá ṣì lọ́ra lẹ́yìn èyí, ẹ fura sí àwọn àfikún ètò tí ẹ kò lò mọ́, kí ẹ pa wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tún ìdánwò ṣe lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lè mọ èyí tí ó ń dì yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá pa gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kò ní mọ̀ ọ́n.

Ẹ tún ṣọ́ fọ́ǹtì. Púpọ̀ nínú àwọn fọ́ǹtì tí wọ́n ń gbé wọlé láti ibòmíràn kò ní ẹ, ọ àti ṣ. Búráúsà á wá yá àwọn lẹ́tà náà lára fọ́ǹtì mìíràn, ọ̀rọ̀ á sì rí bí aṣọ tí a lẹ̀. Ẹ ti lo dátà oníbàárà, ẹ sì tún ti ba ojú ọ̀rọ̀ jẹ́. Fọ́ǹtì tí ó wà lórí fóònù fúnra rẹ̀ sàn jù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ ka èsì

Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ yí nǹkan padà sínú ìwé, kí ẹ sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sílẹ̀ kí ẹ tó ṣí `Performance` nínú Search Console. `Impressions` ni iye ìgbà tí ojú-ewé yín hàn nínú èsì, `Clicks` ni iye ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, `Position` sì ni ipò tí ó wà.

Bí ojú-ewé kan bá hàn lọ́pọ̀ ìgbà tí wọn kò sì tẹ̀ ẹ́, ẹ má yára dá àkọlé lẹ́bi. Ẹ wo ipò rẹ̀ ná. Bí ó bá wà ní ipò 40, ènìyàn kò dé ibẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ inú ojú-ewé náà ni ẹ óò sì fi kún. Bí ó bá wà láàárín 1 sí 10 tí wọn kò sì tẹ̀ ẹ́, ìgbà yìí ni kí ẹ tún àkọlé àti àpèjúwe kọ. Bí kò bá hàn rárá, ẹ padà sí `URL Inspection`.

Abala `Queries` ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ohun tí àwọn ènìyàn tẹ̀ gan-an ni ó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, a rí `ibadandun adire` àti `adire eleko 5 yards` bí a ṣe retí, ṣùgbọ́n a tún rí `how to wash adire` lórí ojú-ewé Ìbàdàndùn, ní ipò 17, nítorí gbólóhùn kan ṣoṣo nípa fífọ aṣọ tí ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi. Ojú-ewé tí wọ́n ń kọ lọ́wọ́ báyìí nìyẹn: bí a ṣe ń fọ àdìrẹ, pẹ̀lú àkọlé tirẹ̀, àpèjúwe tirẹ̀ àti fọ́tò méjì tí kò ju kìlóbáìtì 180 lọ, àti línkì kan tí ó padà sí aṣọ náà.